Ooru Tí Kì Í Ṣe Ibà

Aago kan òru kọjá díẹ̀ nígbà tí ìyá oníṣòwò kan n'Íbàdàn jí gìrì. Ooru kan ti gbéra láti àyà rẹ̀, ó gun ọrùn, ó bo gbogbo ojú, ọkàn rẹ̀ sì ń lù kìkì. Aṣọ ìwọ̀sùn rẹ̀ ti rin gbingbin fún òógùn. Ó ju ìró tó fi bora sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ ara rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú 5 tí òtútù fi dé, ló bá tún ń fọwọ́ tálẹ̀ wá ìró tó jù nù. Lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn kan náà, lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ọkọ rẹ̀ ń hanrun. Ooru kankan ò mú un.

Ẹni ọdún 49 ni ìyá yìí, aṣọ àǹkárá ló ń tà ní Gbági. Láàárín oṣù 4, ó ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn ò rí kòkòrò ibà níbẹ̀, síbẹ̀ ó lo oògùn náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́jà ní ooru inú ni, kó wá àgbo mu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní iná ọ̀tá ni, kí wọ́n lọ gbàdúrà. Nígbà tó wá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ìbéèrè kan ni nọ́ọ̀sì fi ṣáájú: "Mọ̀mí, ìgbà wo lẹ ṣe nǹkan oṣù gbẹ̀yìn?" Ó ti tó oṣù 7.

Ìyá yìí pọ̀ nígboro. Inú ohun tí ọ̀pọ̀ obìnrin ọjọ́ orí rẹ̀ ń sọ ni mo ti kó ìtàn rẹ̀ jọ, kí a lè tọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ọlọ́dẹ tó ń fun fèrè asán

Ara ènìyàn ní ìwọ̀n ìgbóná tó ń fẹ́, nǹkan bí 37 dígírì. Ibì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n ń pè ní haipotálámọ́sì. Òun ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ìgbóná yìí tọ̀sán-tòru. Bí inú ara bá gbóná kọjá ààlà kan, á ní kí ara làágùn. Bí ó bá tutù kọjá ààlà kejì, á ní kí ara gbọ̀n. Àárín ààlà méjèèjì ni ibi tí ọlọ́dẹ ti lè jókòó jẹ́ẹ́ láìfun fèrè.

Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Freedman, ní Yunifásítì Wayne State ní ìlú Detroit lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọn àárín ààlà yìí lára àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró. Lára àwọn tí ooru ò yọ lẹ́nu, ó tó nǹkan bí 0.4 dígírì. Lára àwọn tí ooru ń mú, ó kéré débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá. Ààlà òógùn àti ààlà gbígbọ̀n ti sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, kò sí àyè ìjókòó fún ọlọ́dẹ mọ́.

Ẹ wo ohun tó ń tẹ̀lé e. Àwo àmàlà gbígbóná kan, ìró tí a fà bora, ìbínú díẹ̀ sí oníbàárà tó ń ná ọjà ní ìnákúnàá, ó tó láti sọ inú ara di gbígbóná díẹ̀, ìwọ̀n tí ara ẹlòmíràn kò ní í kà sí. Ní ti obìnrin yìí, ààlà ti kọjá nìyẹn. Ọlọ́dẹ fun fèrè bí ẹni rí ìgárá ọlọ́ṣà, bẹ́ẹ̀ eku ló kọjá. Ọpọlọ wá ṣe fún un ohun tí ì bá ṣe fún ẹni tó ń la igi lọ́sàn-án gangan: àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ ṣí sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná rọ́ wá sójú àti àyà, ọkàn ń sáré, òógùn bò ó.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ooru náà ò jọ ibà. Nínú ibà, ara ń kó ooru jọ. Nínú èyí, ara ń lé ooru jáde ni, ooru tó ń jáde lọ yẹn ni obìnrin ń mọ̀ lára lójú àti láyà. Nígbà tí yóò bá fi ìṣẹ́jú mélòó kan lé e tán, inú rẹ̀ ti tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ni òtútù bá dé. Ẹni tó ń wá ìró kiri lẹ́yìn tó ti ju ìró nù kò ya wèrè. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣàṣejù, tó wá ń tún un ṣe.

Ta ló sún ààlà mọ́ra?

Ilé ẹyin ló ń pèsè họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn. Ẹyin tí wọ́n bí obìnrin mọ́ ni yóò máa ná títí, kì í sí òmíràn tí ń wọlé. Nígbà tó bá ń rìn lọ sí àádọ́ta ọdún, ẹyin ti ń tán lọ. Ẹ́sítírójìn kì í kàn lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́ wọ́ọ́rọ́. Á ròkè lóṣù yìí, á já wálẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, nǹkan oṣù á máa fo, lẹ́yìn náà ni yóò wá lọ sílẹ̀ pátápátá. Bí oṣù 12 bá pé láìrí nǹkan oṣù, tí kì í ṣe oyún, tí kì í sì í ṣe oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ló fà á, a gbà pé ó ti dúró. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń dé ibẹ̀ láàárín ọdún 45 sí 55, ṣùgbọ́n ooru náà lè ti bẹ̀rẹ̀ kí nǹkan oṣù tó dúró rárá.

Nítòsí ọlọ́dẹ wa nínú ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ẹ́sítírójìn máa ń kì wọ̀. Nígbà tí ẹ́sítírójìn bá lọ, kò sẹ́ni tí yóò bá wọn wí mọ́. Ní 1990, Naomi Rance àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí máa ń tóbi sí i nínú ọpọlọ obìnrin. Nǹkan tí wọ́n ń tú jáde, niurokáínì B, ni wọ́n fi ń gún ọlọ́dẹ ní kẹ́ṣẹ́ nígbà gbogbo. Ẹ̀rí tó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ dé ní 2017, nígbà tí ikọ̀ Waljit Dhillo ní Imperial College, Lọ́ńdọ̀nù, fún àwọn obìnrin ní oògùn tó ń dí ọ̀nà niurokáínì B. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ooru wọn dín kù jọjọ, bẹ́ẹ̀ wọn ò lo ẹ́sítírójìn kankan.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ọmọdébìnrin ọlọ́dún 8 ńkọ́? Ẹ́sítírójìn rẹ̀ kéré gan-an, ooru yìí ò sì mú un. Òótọ́ ni. Ọpọlọ tí kò tíì mọ ẹ́sítírójìn rí kì í sunkún rẹ̀. Ohun tó mọ́ ọn lára fún ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó wá lọ, ló ń dà á láàmú. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tí wọ́n bá yọ ilé ẹyin rẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà nípa iṣẹ́ abẹ fi máa ń rí ooru tó le ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ: ti àwọn yòókù rọra ń lọ, tirẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan.

Ìwé kékeré tí ìyá kọ

Nọ́ọ̀sì kò fún ìyá ní oògùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tẹmómítà kan ló ní kó rà, kó sì mú ìwé kékeré kan, kó kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2: aago tí ooru dé, bó ṣe pẹ́ tó, ohun tó ń ṣe kó tó dé, àti ohun tí tẹmómítà sọ.

Nígbà tó mú ìwé náà padà wá, ooru 9 ló ń mú un láàárín ọ̀sán àti òru, mẹ́rin nínú rẹ̀ lóru. Ìṣẹ́jú 2 sí 4 ni wọ́n ń pẹ́. Tẹmómítà kò kọjá 37.1 dígírì rí. Láàárín ooru kan sí ìkejì, ara rẹ̀ le, ó ń jẹun, kò rù.

Ohun tó ya èyí sọ́tọ̀ nìyẹn. Ibà kì í wá fún ìṣẹ́jú 3 kó sì lọ. Á wà lára fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tẹmómítà á kọjá 38, orí á máa fọ́, oúnjẹ ò ní í wọlé. Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tó ń mú ara làágùn lóru, tí kò yẹ ká kó mọ́ ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù. Bí ikọ́ bá wà níbẹ̀ fún ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, tí ara sì ń rù, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni kí a kọ́kọ́ wá. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, tí ọkàn ń sáré láìdúró, tí ara ń rù bẹ́ẹ̀ sì ni oúnjẹ ń wọlé, ẹran kékeré tó wà níwájú ọ̀fun, èyí tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ìnsúlìn fún àtọ̀gbẹ tó ń làágùn, kó wọn ṣúgà ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó lè ti já wálẹ̀ jù. Òógùn tiwọn kì í wá ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta kí ara sì tún le dáadáa.

Oorun tó já

Ìyá gbà pé ooru ló ń jí òun. Ìwé rẹ̀ sọ pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Aago 12 sí aago 2, òógùn ló ń jí i. Ní aago 4, ó ń jí láìsí òógùn, kò sì ní í lè sùn mọ́.

Àwọn tó ń ṣọ́ oorun obìnrin nínú yàrá àyẹ̀wò rí i pé ìdajì àkọ́kọ́ òru ni ooru ń jí wọn jù. Ní ìdajì kejì, oorun tí a fi ń lálàá ló pọ̀, ọlọ́dẹ ìgbóná kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú irú oorun yẹn. Nítorí náà, ẹni tó ń jí ní ìdájí yẹ kó wá ìdí mìíràn kún un. Projẹ́sítírọ́nì, họ́mọ̀nù kejì tí ilé ẹyin ń pèsè, máa ń mú ọpọlọ rọlẹ̀ bí ẹni tó mu nǹkan ìtura, òun náà ti lọ. Ìtọ̀ lè máa jí ẹlòmíràn. Híhanrun tí èémí ń dúró nínú rẹ̀ náà máa ń pọ̀ sí i lára obìnrin lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró. Ọkọ tàbí ọmọ tó sùn sítòsí ló lè sọ èyí, ẹni tó ń hanrun kì í mọ̀.

Ti ìyá yìí tún ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú. Nítorí àìsùn, ó ti ń tètè wọlé sùn ní aago 8 alẹ́, kó lè san gbèsè oorun. Aago 5 ló ń dìde. Wákàtí 9 ló ń lò lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n bí ó ṣe kọ ọ́, kì í sùn ju wákàtí 5 ààbọ̀ lọ. Gbogbo ìyókù, ó ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, ó ń ronú gbèsè aṣọ. Bẹ́ẹ̀dì ti di ibi ìrònú fún un.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń tún èyí ṣe lòdì sí ohun tí ó ti ń ṣe. Nọ́ọ̀sì ní kó má lọ sórí bẹ́ẹ̀dì mọ́ títí di aago 11, kó sì dìde ní aago 5, bó sùn bí kò sùn. Wákàtí 6 péré. Kó má sùn lọ́sàn-án ní ìsọ̀. Bí oorun kò bá wá láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kó dìde, kó lọ jókòó sí pálọ̀, kó ká aṣọ, títí ojú yóò fi máa pa dé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nira, ó ń tòògbé lọ́jà, kò sì yẹ kí ẹni tó ń wakọ̀ tàbí tó ní wárápá dá a ṣe láìsí olùtọ́jú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ń sùn fún wákàtí 5 ààbọ̀ nínú 6 yẹn, láìfi bẹ́ẹ̀ já. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìṣẹ́jú 15 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ̀ fún un ni oògùn oorun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ bá a rà ní kẹ́mísítì, irú Fálíọ̀mù. Ó máa ń múni sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara á tètè gbára lé e, ó sì lè mú àgbàlagbà ṣubú lóru nígbà tó bá dìde lọ tọ̀.

Ohun tó ń dín ooru kù

Fáànù, aṣọ òwú, ìró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì dípò bùláńkẹ́ẹ̀tì kan tó nípọn, ike omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: gbogbo ìwọ̀nyí ń mú kí ooru ṣeé fara dà. Wọn kì í sábà dín iye ìgbà tó ń dé kù, nítorí pé ọlọ́dẹ wà níbi tó wà. Ní ti oúnjẹ, ìwé kékeré ni kó dájọ́. Ìyá rí i pé àmàlà gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ ata lọ́sàn-án ń fa ooru lójú ẹsẹ̀, ó wá ń jẹ́ kó lọ́wọ́ọ́wọ́ kó tó jẹ ẹ́. Kọfí kò ṣe é ní nǹkan kan, kò fi í sílẹ̀. Fún obìnrin tó sanra, bí ara bá fúyẹ́ díẹ̀, ooru máa ń dín kù. Àgbo àti oògùn ẹ̀wà sóyà inú ike kò ní ẹ̀rí tó dúró dáadáa.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù ni kí a dá ẹ́sítírójìn padà fún ọlọ́dẹ. Ó máa ń dín iye ooru kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó wà ní oníhóró, ó wà ní èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ, ó sì wà ní jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa apá. Òfin kan ni kò gbọdọ̀ yẹ̀: obìnrin tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ lo ẹ́sítírójìn nìkan. Ẹ́sítírójìn nìkan máa ń mú kí ìtẹ́ inú ilé ọmọ nípọn títí, ó sì lè di jẹjẹrẹ. Oògùn irú projẹ́sítírọ́nì ni wọ́n ń fi kún un láti dá a dúró.

Ẹ̀rù oògùn yìí ba gbogbo ayé ní 2002. Ìwádìí ńlá kan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fi hàn pé bí obìnrin 10,000 bá lo irú oògùn méjì pọ̀ kan fún ọdún 1, àwọn tí jẹjẹrẹ ọmú yóò mú á fi 8 ju bó ṣe yẹ lọ, rọpárọsẹ̀ náà á fi 8 pọ̀ sí i. Àwọn tó wà nínú ìwádìí yẹn ti tó ẹni ọdún 63 tí a bá dá iye ọjọ́ orí wọn pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pẹ́ tí nǹkan oṣù wọn ti dúró. Ohun tí àwọn dókítà wá fẹnu kò lé lórí lẹ́yìn náà ni pé, fún obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí kò tíì pé 60 ọdún tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dúró ju ọdún 10 lọ, àǹfààní rẹ̀ sábà máa ń ju ewu lọ. Kì í ṣe fún ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú, rọpárọsẹ̀, àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan rí, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú ara rẹ̀ tí wọn ò tíì mọ ìdí rẹ̀.

Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà. Àwọn oògùn kan tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń dín ooru kù bí wọ́n bá lò ó ní ìwọ̀n kékeré, gabapẹ́ńtìn tí a mu lálẹ́ sì ń ran ooru òru àti oorun lọ́wọ́. Oògùn tó ń dí ọ̀nà niurokáínì B, fẹsolínẹ́táńtì, gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní May 2023. Ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, nítorí ó ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́.

Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá, ó bá a ní 150 lórí 95. Ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Nígbà tó wálẹ̀, wọ́n fún un ní ẹ́sítírójìn onípípa, nítorí èyí tó gba awọ wọlé kì í fi bẹ́ẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ dídì bí oníhóró. Wọ́n fi projẹ́sítírọ́nì kún un fún ọjọ́ 12 lóṣooṣù, kó máa mu ún tó bá ń lọ sùn, nítorí ó ń mú ojú kún fún oorun. Wọ́n kìlọ̀ fún un pé yóò máa rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 12 yẹn, àti pé nǹkan oṣù tó dúró fún oṣù 7 kò túmọ̀ sí pé kò lè lóyún mọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró fún ọdún kan gbáko, tí kò lo họ́mọ̀nù, tó wá rí ẹ̀jẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan, kó lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ náà.

Ìtọ́jú yìí kò sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ìwádìí kan tó tẹ̀ lé àwọn obìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà rí i pé ooru àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ló pẹ́ jù, ó lé ní ọdún 10 fún ìdajì wọn. Lọ́dọọdún ni dókítà yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kó máa lò ó lọ tàbí kó dín in kù.

Oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ìwé kékeré sọ pé ooru 9 ti di 2, ìkankan kì í sì í jí i mọ́ lọ́pọ̀ òru. Nígbà tí òjò ń rọ̀ ní June, ara rẹ̀ gbóná lọ́sàn-án ọjọ́ kan, orí ń fọ́ ọ. Lọ́jà, wọ́n ní ooru rẹ̀ tún ti dé. Ó fi tẹmómítà sí abíyá: 38.9. Ó dúró fún wákàtí kan, ó tún wọ̀n ọ́n, kò wálẹ̀. Ó dìde lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n rí kòkòrò níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ibà ni, ó sì lo oògùn ibà.